Alẹ́ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kọ: Ìwé Ìlànà Ìṣílẹ̀kùn àti Ìtìlẹ̀kùn fún Ilé Oúnjẹ Kékeré

Ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ kékeré, orí ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo iṣẹ́ àárọ̀ àti ti alẹ́ wà. Ìyá olóúnjẹ ló mọ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbé kaná, òun ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ fíríìsà wà, òun náà ló mọ iye ṣéńjì tó yẹ kó wà nílẹ̀ kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó wọlé. Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò bá yá, tàbí tó bá lọ sìnkú ní Ìsẹ́yìn, àwọn ọmọ iṣẹ́ á ṣílẹ̀kùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ á pẹ́, ẹnì kan á máa sáré kiri wá ṣéńjì, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, kò ní sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n ti pa gáàsì.

Ohun tó ń gba irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ni ìwé ìlànà: ojú ìwé méjì péré tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, ọ̀kan fún àárọ̀, ọ̀kan fún alẹ́. Ó sọ ohun tí a máa ṣe, bó ṣe máa tẹ̀léra, ẹni tó máa ṣe é, àti bí a ṣe máa mọ̀ pé ó ti ṣe é. Ẹ jẹ́ ká fi búkà kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó pọ̀ ní agbègbè Bódìjà n'Íbàdàn. Tábìlì mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń ta àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, wọ́n ń ta ìrẹsì, wọ́n sì ń se ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ran sínú ìkòkò ńlá. Àwọn mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ìyá olóúnjẹ, alásè, ẹni tó ń bu oúnjẹ tó sì ń gbowó, àti ẹni tó ń fọ abọ́. Aago 9 àárọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í tà, aago 8 alẹ́ ni wọ́n ń dáwọ́ dúró.

Ìdí tí alẹ́ fi ṣáájú

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìwé yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ látàárọ̀, nítorí pé àárọ̀ ni ọjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ kọ. Bí ẹ bá wo ohun tó ń dá iṣẹ́ àárọ̀ dúró dáadáa, alẹ́ àná ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìkòkò tí wọn kò fọ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n tètè gbé ìrẹsì kaná. Ọbẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí àdògán mọ́jú ló kan. Gáàsì tó tán láàárín iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lálẹ́, kò kàn sẹ́ni tó gbé sìlíńdà wò ni. Bí ìwé alẹ́ bá dára, ìwé àárọ̀ á kúrú, nítorí pé iṣẹ́ yíyẹ̀wò ló máa pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ mú bírò àti ìwé, kí ẹ tẹ̀lé àwọn tó ń tilẹ̀kùn lẹ́yìn lálẹ́ ọjọ́ kan tí ọjà tà. Ẹ má dá wọn dúró, ẹ má tíì tún iṣẹ́ wọn ṣe. Ẹ kàn máa kọ ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe àti aago tí wọ́n ṣe é. Níbi tí wọ́n bá ti ṣe nǹkan láì sọ̀rọ̀ ni kí ẹ ti béèrè. Bí ẹ bá bi alásè pé, “Àǹtí, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ọbẹ̀ yìí ti tutù tó láti wọ fíríìjì?” ó lè dáhùn pé, “Mo kàn mọ̀ ni.” Ìmọ̀ yẹn gan-an ló yẹ kó bọ́ sórí ìwé. Ẹ bi í síwájú: ṣé ó ń fọwọ́ kan ìdí abọ́ ni, ṣé aago ló ń wò, ṣé èéfín ló gbọ́dọ̀ kúrò lójú rẹ̀? Ohun tí ẹlòmíràn lè rí tàbí tó lè wọ̀n ni kí ẹ kọ sílẹ̀.

Èyí ló ń ya ìlà tó wúlò sọ́tọ̀ kúrò lára ìlà tí kò wúlò. “Ẹ rí i pé ilé ìdáná mọ́” kò sọ nǹkan kan fún ọmọ iṣẹ́ tuntun, torí pé ohun tí ìyá olóúnjẹ ń pè ní mímọ́ lè má jẹ́ ohun tí ọmọ náà ń pè bẹ́ẹ̀. “Afọbọ́, aago 8:30: fi ọṣẹ fọ pátákó tí a fi ń gé ẹran, fi omi ṣàn án, rẹ ẹ́ sínú omi apakòkòrò fún ìṣẹ́jú kan, gbé e dúró kó gbẹ” kò ṣeé ṣì gbọ́. Omi apakòkòrò náà kò gbọdọ̀ jẹ́ àfojúdá. Bí wọ́n bá kọ ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún sára ike Jíìkì tàbí Háípò tí ẹ ń lò, ṣíbí ńlá méjì nínú omi líítà 5 ti tó fún ohun tí oúnjẹ máa kàn. Ọṣẹ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, nítorí òróró àti ẹ̀jẹ̀ ẹran kì í jẹ́ kí oògùn yìí ṣiṣẹ́. A kò sì gbọdọ̀ dà á pọ̀ mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí èéfín tó ń jáde lára wọn lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ọbẹ̀ tó kù lálẹ́

Nínú gbogbo iṣẹ́ alẹ́, ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù ló ń gba àròjinlẹ̀ jù. Àwọn kòkòrò kan tí ojú kò lè rí máa ń wà nínú ẹran àti nínú hóró oúnjẹ, wọ́n sì lè sọ ara wọn di èso líle kan tí híhó kò lè pa. Bí ìkòkò bá hó, àwọn yòókù á kú, èso yẹn á ṣẹ́kù. Bí ọbẹ̀ bá wá ń tutù díẹ̀díẹ̀, èso náà á là, á sì máa bí sí i. Láàárín ìwọ̀n 5 àti ìwọ̀n 60 Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì lórí tẹmómítà ni wọ́n ti ń gbilẹ̀. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí oúnjẹ sísè má ṣe wà nílẹ̀ ju wákàtí 2 lọ láìgbóná láìtutù.

Ìkòkò ńlá ló ń dá kún ewu yìí. Bí líítà ọbẹ̀ mẹ́jọ bá kù nínú ìkòkò jíjìn, ara ìkòkò lè ti tutù lọ́wọ́ ní ọ̀gànjọ́ òru, kí àárín rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Bí wọ́n bá gbé e gbígbóná sínú fíríìjì bẹ́ẹ̀, àárín rẹ̀ kò ní tètè tutù, ooru rẹ̀ á sì tún ran àwọn ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òdiwọ̀n tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń lò ni pé kí ọbẹ̀ kúrò ní ìwọ̀n 60 dé 21 láàárín wákàtí 2, kó sì dé ìwọ̀n 5 láàárín wákàtí 4 mìíràn. Ọ̀nà tó rọrùn láti mú un ṣẹ ni kí wọ́n pín ọbẹ̀ náà sínú àwọn abọ́ fífẹ̀, kó má jìn ju ínṣì 2 lọ, kí wọ́n gbé àwọn abọ́ náà sínú ọpọ́n omi tútù tó ní yìnyín, kí wọ́n sì máa rò ó.

Ibí yìí ni kíkọ ìwé ti ń tú àṣírí iṣẹ́. Búkà wa ń dáwọ́ títà dúró ní aago 8. Bí alásè bá dúró di ìgbà yẹn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọbẹ̀ tutù, aago 10 lè lù kí ọbẹ̀ tó ṣeé gbé sínú fíríìjì, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ tó fẹ́ wọ ọkọ̀ délé kò ní dúró dè é. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé yóò dé ìkòkò pa, á sì máa lọ. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti alásè, ti àkókò tí wọ́n fi sí i ni. Nítorí náà, ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé ìtìlẹ̀kùn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní aago 7, nígbà tí èrò ti ń dín kù: kí alásè bu ọbẹ̀ tó máa tó títà dé aago 8 sọ́tọ̀ lórí iná, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìyókù tutù.

Ìrẹsì tó kù kò gbọdọ̀ sùn sílé oúnjẹ yìí. Kòkòrò tó ń gbé inú ìrẹsì máa ń pọ májèlé kan tí gbígbé kaná lẹ́ẹ̀kejì kò lè bàjẹ́, nítorí náà ìrẹsì tó sùn síta kò ní àtúnṣe, bó ti wù kó gbóná tó lọ́jọ́ kejì. Ewédú àti gbẹ̀gìrì, tó tètè ń kan, wà lábẹ́ òfin kan náà níbẹ̀: ohun tó kù tó sì ṣì gbóná, òṣìṣẹ́ lè jẹ ẹ́ lálẹ́ yẹn, èyí tó bá ti tutù nílẹ̀, ẹ dà á nù. Ilé oúnjẹ tó ní fíríìjì tó lágbára lè ṣe òfin tirẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó má fi sílẹ̀ fún ojú àánú alẹ́ ọjọ́ náà.

Gáàsì, iná mànàmáná àti ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú

Nínú ìwé ìlànà, a kò lè fi nọ́ńbà 2 ṣáájú nọ́ńbà 1 bó ṣe wù wá. Gáàsì ló fi èyí hàn jù. Lálẹ́, orí sìlíńdà ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ pa á nígbà tí iná ṣì ń jó lójú kan, kí gáàsì tó wà nínú rọ́bà lè jó tán, kí wọ́n tó wá yí ojú sítóòfù pa. Bí wọ́n bá pa sítóòfù nìkan, gáàsì ṣì kún inú rọ́bà títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Láàárọ̀, ẹni tó ṣílẹ̀kùn kò gbọdọ̀ tan iná, kò sì gbọdọ̀ ṣáná, kó tó ṣí fèrèsé kó sì gbóòórùn. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ilẹ̀ ló ń lọ jókòó sí, àgàgà nídìí àpótí àti ní kọ̀rọ̀. Kí onítọ̀hún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbóòórùn rẹ̀. Iná pín-ín tó ń ta nínú bọ́tìnnì iná mànàmáná tó láti ràn án. Bí òórùn bá wà, kó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, kó jáde, kó kó àwọn ènìyàn kúrò nítòsí, kó sì pe 112 láti ìta. Bí kò bá sí òórùn, kí ó fi omi ọṣẹ ra ojú ibi tí rọ́bà ti so mọ́ sìlíńdà àti sítóòfù. Bí ọṣẹ bá ń hó sókè lójú kan, gáàsì ń jò níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ náà ní ìlà tirẹ̀: ìta gbangba ni, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí èéfín olóró rẹ̀ kò ní òórùn tó máa kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ti fíríìsà tún yàtọ̀. NẸ́PÀ lè mú iná lọ ní aago 11 alẹ́ kó sì dá a padà ní aago 5 ìdájí. Ẹni tó dé ní aago 6:30 á bá ẹja gan pa, kò sì ní mọ̀ pé ó ti yọ́ kó tó tún gan. Ẹ rọ omi sínú ife kan, ẹ jẹ́ kó di yìnyín, kí ẹ wá gbé òkúta kékeré tó mọ́ lé e lórí. Láràárọ̀, bí òkúta bá ṣì wà lókè, yìnyín kò yọ́. Bó bá ti rì wọ àárín tàbí ìsàlẹ̀ ife, fíríìsà ti gbóná kọjá ohun tó yẹ, kí wọ́n má sì se ẹran tàbí ẹja inú rẹ̀ kí ìyá olóúnjẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ti fíríìsà kò tilẹ̀ lè dúró dọjọ́ karùn-ún, ojoojúmọ́ ni.

Owó àti ẹran

Bí owó bá dín lálẹ́, ìjà ló sábà máa ń tẹ̀lé e, nítorí pé kò sí àkọsílẹ̀ tí wọ́n lè yẹ̀ wò. Ẹ wo bí ìwé ṣe ń yanjú rẹ̀. Ká ní ₦10,000 ni ṣéńjì tí agbowó gbà láàárọ̀. Lálẹ́, owó tó wà nínú dúrọ́ọ̀ jẹ́ ₦91,200. Bí a bá yọ ṣéńjì kúrò, owó tí wọ́n fọwọ́ gbà jẹ́ ₦81,200. Èyí tó gba orí ẹ̀rọ pí-ó-ẹ́sì wọlé jẹ́ ₦58,000, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí wọ́n sì rí i pé ó wọlé jẹ́ ₦44,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦183,200. Ṣùgbọ́n ìwé títà sọ pé ọjà ₦184,500 ni wọ́n tà. ₦1,300 ló dín.

Ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wò ni ìlà “owó tó jáde nínú dúrọ́ọ̀”. Bí afọbọ́ bá ti gba ₦1,300 ra ọṣẹ lọ́sàn-án tí wọn kò kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ti parí, láìsí pé wọ́n fi olè kan ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ni ìlà yẹn fi gbọ́dọ̀ wà. Àlẹ́ẹ̀tì tí oníbàárà fi hàn lórí fóònù rẹ̀ kì í ṣe owó. Àkáǹtì búkà fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n wò.

Ẹran ni ẹlẹ́rìí kejì. Bí alásè bá ka ègé 150 sínú ọbẹ̀ láàárọ̀, tí ìwé sọ pé wọ́n ta 131, tí 16 sì kù, mẹ́ta ni kò sí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló fi ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹun lọ́sàn-án, ẹ fún oúnjẹ òṣìṣẹ́ ní ìlà tirẹ̀, kí ìṣirò lè bára mu.

Bí ìwé náà ṣe rí

Ìtìlẹ̀kùn:

1. Aago 7:00, alásè: ya ọbẹ̀ tí a máa tà sọ́tọ̀, pín ìyókù sínú abọ́ fífẹ̀ nínú omi yìnyín. Aago tí mo bẹ̀rẹ̀: ____
2. Aago 8:00, agbowó: dáwọ́ títà dúró. Ègé ẹran tó kù: ____ Èyí tí òṣìṣẹ́ jẹ: ____
3. Aago 8:10, alásè: ìrẹsì, ewédú àti gbẹ̀gìrì kò gbọdọ̀ sùn síbí.
4. Aago 8:15, agbowó àti ìyá olóúnjẹ: ka owó pọ̀. Dúrọ́ọ̀: ____ Pí-ó-ẹ́sì: ____ Àkáǹtì: ____ Owó tó jáde: ____
5. Aago 8:30, afọbọ́: pátákó, ọ̀bẹ, tábìlì, ìkòkò, da ìdọ̀tí síta.
6. Aago 9:00, alásè: ìwọ̀n ọbẹ̀: ____ (kó má ju 21 lọ). Dé e, kọ ọjọ́ sí i, gbé e sínú fíríìjì. Ìwọ̀n fíríìjì: ____ Bí fíríìjì bá ju 5 lọ, ọbẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn.
7. Aago 9:10: pa gáàsì lórí sìlíńdà, lẹ́yìn náà sítóòfù. Ẹni tó pa á: ____ Ẹni tó wò ó: ____
8. Aago 9:15: fèrèsé, iná, ilẹ̀kùn. Ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà: ____

Ìṣílẹ̀kùn:

1. Aago 6:30, alásè: ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, gbóòórùn nílẹ̀, kó o tó fọwọ́ kan iná.
2. Wo òkúta inú fíríìsà: lókè / ó ti rì. Ìwọ̀n fíríìjì: ____
3. Fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Wo orí tábìlì àti ìdí àpò ìrẹsì bóyá eku ti dé ibẹ̀.
4. Fi omi ọṣẹ yẹ rọ́bà gáàsì wò.
5. Aago 7:00: gbé ọbẹ̀ àná kaná, máa rò ó títí gbogbo rẹ̀ á fi hó. Ìwọ̀n àárín rẹ̀: ____ (ó gbọ́dọ̀ ju 70 lọ). Èyí tó bá kù lálẹ́ kò ní pa dà sí fíríìjì mọ́.
6. Aago 8:30: ègé ẹran tó wọ ọbẹ̀: ____
7. Aago 8:45, agbowó: ṣéńjì: ____ Pí-ó-ẹ́sì ti gba iná, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ kíyè sí i pé àyè tí a máa kọ nǹkan sí pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ máàkì lè jókòó sórí àga kó máàkì gbogbo ìlà láàárín ìṣẹ́jú kan láì dìde. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa kọ ìwọ̀n fíríìjì gbọ́dọ̀ lọ síbi fíríìjì. Síbẹ̀, ẹ máa wo nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ. Bí fíríìjì bá jẹ́ 4 lójoojúmọ́ fún odindi oṣù kan, tí NẸ́PÀ sì mú iná lọ bó ṣe máa ń ṣe, ẹnì kan ti ń kọ ọ́ láti orí. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ béèrè ohun tí kò jẹ́ kó ráyè wò ó. Ó lè jẹ́ pé bátìrì tẹmómítà ti kú ni.

Ẹ kọ ìwé náà ní èdè tí àwọn òṣìṣẹ́ yín ń kà. Bí afọbọ́ kò bá mọ̀wé, ẹ ya àwòrán sìlíńdà, abọ́ àti ṣíbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e fún ọmọ iṣẹ́ tó dé kẹ́yìn, kó fi tilẹ̀kùn lálẹ́ kan láì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín, kí ẹ̀yin sì dúró máa wò ó. Gbogbo ibi tó bá ti dúró ronú tàbí tó ti wojú yín, ìlà ibẹ̀ kò tíì yéni, ẹ tún un kọ. Bí ẹ bá ra sítóòfù tuntun, tàbí tí ẹ yí aago títà padà, ìwé náà gbọ́dọ̀ yí padà lọ́jọ́ yẹn. Bí ìwé bá ń sọ ohun tí ẹ kì í ṣe mọ́, òṣìṣẹ́ ò ní ka ìyókù rẹ̀ sí.

Ẹ má sọ pé ó dìgbà tí wolé-wolé bá béèrè. Ẹ mú bírò lálẹ́ òní, kí ẹ kọ́kọ́ kọ ìlà mẹ́ta péré: ti ọbẹ̀, ti owó, ti gáàsì. Bí àwọn òṣìṣẹ́ yín bá ti ń ṣe mẹ́ta yìí dáadáa láì jẹ́ pé ẹ wà níbẹ̀, ẹ wá kọ ìyókù.